Ilé tó wà lẹ́sẹ̀ òkè: ohun tí ẹ ó ní kí àbúrò yín lọ wò

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, Máńṣẹ́sítà ni mo wà. Ẹsẹ̀ òkè ni ilé bàbá mi wà ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Wọ́n ní ilẹ̀ ti là lẹ́yìn ilé láti ọjọ́ tí òjò ti ń rọ̀, ṣùgbọ́n bàbá ní kò sí nǹkan kan. Kí ni kí n ní kí àbúrò mi ṣe?"

Kó kọ́kọ́ lọ wo bí ilẹ̀ náà ṣe là. Èyí tí oòrùn fà máa ń rí bí àwọ̀n, tínínrín tínínrín, káàkiri ibi tó tẹ́jú, òjò díẹ̀ sì ti dí i. Èyí tó léwu máa ń gùn, ó máa ń dábùú òkè, ó sì máa ń tẹ̀ bí ọrun. Ẹ ó tún rí i pé etí rẹ̀ tó kọjú sí ilé ti rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, ì báà jẹ́ ìwọ̀n ìka kan péré. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìṣù ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti ń yẹ̀ kúrò lára òkè nìyẹn.

Ìdí rẹ̀ ni pé erùpẹ̀ ló bo àpáta lórí irú òkè bẹ́ẹ̀. Omi òjò á rin wọlé títí á fi kan àpáta, kò sì ní ríbi gbà mọ́. Á wá kó jọ síbẹ̀, á mú kí erùpẹ̀ wúwo, á sì tú ọwọ́ tí erùpẹ̀ fi di àpáta mú. Nítorí náà, òjò ọjọ́ kan kọ́ ni mo máa ń bẹ̀rù jù, bí kò ṣe òjò ńlá tó bá ilẹ̀ tó ti mumi yó. Bó ṣe rí nìyẹn ní Fíríítáòn ní Sàró ní ọjọ́ 14 oṣù Ògọ́ọ̀sì 2017: òjò ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí òkè tó ya ní àárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn tó kú àtàwọn tí a kò rí mọ́ sì lé ní 1,000. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ máa ṣọ́ òjò Ọwẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà dáadáa, torí ìsinmi òjò Ògọ́ọ̀sì kì í tó gbẹ inú ilẹ̀.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ bàbá bóyá wọ́n gé ẹsẹ̀ òkè kí wọ́n tó rí ibi tẹ́jú kọ́lé sí. (Ẹ fọgbọ́n béèrè o, àwọn bàbá wa kì í fẹ́ gbọ́ pé ibi tí àwọn kọ́lé sí kò dáa.) Ẹsẹ̀ yẹn ló gbé òkè dúró. Kí àbúrò yín sì gòkè lọ wò bóyá sókàwéè tàbí omi gọ́tà ilé aládùúgbò ń dà sínú ilẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá gé igi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ìsinsìnyí ni gbòǹgbò rẹ̀ ń jẹrà, tí kò lè di ilẹ̀ mú mọ́.

Lẹ́yìn náà, kó gbá èèkàn méjì mọ́lẹ̀, ọ̀kan lókè ibi tó là, ọ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀, kí àlàfo wọn jẹ́ 100 sẹ̀ǹtímítà. Kó kan ìṣó sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí ìṣó sí ìṣó ni kó máa wọ̀n láràárọ̀, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní ó rí 100.2, ó rí 100.3, ó tún rí 100.4: ilẹ̀ ń rìn, ṣùgbọ́n ó ń rọra rìn. Ṣùgbọ́n bó bá rí 100.2, lẹ́yìn náà 100.6, lẹ́yìn náà 101.5, ìrìn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ti ń ju ti àná lọ. Kí wọ́n má sun ilé náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní báyìí ná, kó fi amọ̀ dí ibi tó là, kó fi tapólì bò ó, kó sì la ojú omi sókè rẹ̀ kí àgbàrá lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Kí ẹnikẹ́ni má wa ilẹ̀ kankan lẹ́sẹ̀ òkè. Bí bíríkìlà bá ní òun á mọ ògiri dí i, ẹ bi í ibi tí omi ẹ̀yìn ògiri á gbà jáde. Bí kò bá ní ihò, ògiri náà á kàn sé omi mọ́ inú òkè ni.

Èèkàn ò lè rí gbogbo nǹkan, torí òkè mìíràn máa ń ya láìkọ́kọ́ là. Nítorí náà, bí ilẹ̀kùn tó ń tì dáadáa tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí há, bí òpó iná tàbí igi bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí omi ẹlẹ́rẹ̀ bá ń sun níbi tí kò ti sun rí, tàbí tí odò kékeré ibẹ̀ bá dín kù lójijì nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, kí wọ́n má dúró wọn èèkàn mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n gbà jáde, sí ibi tó ga. Wọn kò gbọ́dọ̀ bá ojú àgbàrá sọ̀kalẹ̀, torí ibẹ̀ náà ni ẹrẹ̀ máa gbà.

Ẹ ní kó ya fọ́tò ibi tó là náà lónìí, kó fi bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n lè mọ bó ṣe fẹ̀ tó, kí ẹ sì gbé e síbí.