Ṣé ojóóró ni kí 2 sípéèdì kó éèsì dáyámọ́ńdì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Wọ́ọ̀tì la mọ̀ ọ́n ta nílé wa ní Ọ̀fà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ wísìtì ni. Èmi àti Àlàbí la jọ wà, àbúrò mi wà pẹ̀lú Ràímì. Sípéèdì ni tírọ́ọ̀ǹpù, àmì tó borí àwọn àmì yòókù. Mo já éèsì dáyámọ́ńdì sílẹ̀, àbúrò mi fi 2 sípéèdì lásán kó o. Ṣé kì í ṣe ojóóró nìyẹn?

Ìdáhùn: Bí dáyámọ́ńdì kankan bá wà lọ́wọ́ àbúrò yín nígbà yẹn, ojóóró ni. Bí kò bá sí, ó jàre yín.

Wọ́ọ̀tì ló ń dà yín láàmú. Nínú wọ́ọ̀tì, ẹni tó ní 20 lè já a nígbà tó bá wù ú. Tírọ́ọ̀ǹpù kò rí bẹ́ẹ̀. Àmì tí ẹni àkọ́kọ́ bá já ni gbogbo yín gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Ìgbà tí àmì yẹn bá tán lọ́wọ́ yín pátápátá lẹ tó lè já òmíràn. Kò sì sí pé ẹ ń lọ sọ́jà o. Káàdì 13 tí wọ́n pín fún yín náà lẹ máa tà tán.

Káàdì mẹ́rin tó bá bọ́ sílẹ̀, ẹyọ kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìkó kan nìyẹn. Ká ní Àlàbí já 9 ọkàn, Ràímì já 10 ọkàn, ẹ̀yin já 4 ọkàn. Àbúrò yín kò ní ọkàn, ó wá já jáàkì kílọ́ọ̀bù. Ràímì ló kó o. Jáàkì ju 10 lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀bù kọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe tírọ́ọ̀ǹpù, ìdànù ni. Ràímì tó kó o ni yóò bẹ̀rẹ̀ ìkó tó kàn, àmì tó bá wù ú ni yóò sì já.

Nínú tiyín, ká ní àbúrò yín kò ní dáyámọ́ńdì, Àlàbí já 5 dáyámọ́ńdì, Ràímì já 8. Tírọ́ọ̀ǹpù tó kéré jù ju éèsì àmì mìíràn lọ, nítorí náà 2 sípéèdì ló kó gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe dandan kó já a o. Ó lè da kílọ́ọ̀bù kan nù, kí éèsì yín sì jẹ.

Ẹ máa ṣọ́ ọ. Bí dáyámọ́ńdì bá tún jáde lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìpín yẹn tó tán, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ to ìkó kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ ní ìdojúbolẹ̀, kẹ́ ẹ lè ṣí i wò. Ìkó mẹ́ta ni òfin wísìtì àtijọ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá ní àmì náà lọ́wọ́ tí kò tẹ̀ lé e.

Àmọ́ ìgbà wo lẹ já éèsì yẹn gan-an? Dáyámọ́ńdì 13 péré ló wà. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá já a, ó máa ń wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Tó bá fi máa di ìgbà kẹta, ó ti sábà máa ń tán lọ́wọ́ ẹnìkan. Bí sípéèdì bá pọ̀ lọ́wọ́ yín, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa já, kí tọwọ́ wọn tán, kẹ́ ẹ tó gbé éèsì yín jáde.