Gáàsì panápaná fún yàrá sáfà: iye kílò kọ́ ni wàhálà ibẹ̀

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọ̀gá, yàrá sáfà wa gùn ní mítà 6, ó fẹ̀ ní 5, ó ga ní 3. Wọ́n gbé ilẹ̀ rẹ̀ sókè, àyè mítà 0.4 ló wà lábẹ́ rẹ̀ fún wáyà. Kọntirátọ̀ ní kílò 50 gáàsì FM-200 ti tó, pé a ò nílò tẹ́ẹ̀sì kankan láti mọ̀ bóyá yàrá náà ń jò. Ṣé òótọ́ ni?"

Rárá o, kò tó. Yàrá òkè nìkan ló fi ṣírò. Fọ́múlà tí wọ́n ń lò nìyí:

```
W = (V / s) × C / (100 − C)
s = 0.1269 + 0.000513 × t
```

W ni kílò gáàsì, V ni àyè yàrá ní kúbíìkì mítà, s ni àyè tí kílò gáàsì kan ń gbà, C ni pásẹ́ǹtì gáàsì tẹ́ ẹ fẹ́ nínú afẹ́fẹ́ yàrá, t ni ìwọ̀n ooru tó kéré jù tí yàrá yẹn máa ń ní. Ká fi 20 sí t, ká fi 7 sí C (àpẹẹrẹ ni 7 yẹn o, ẹ mú tinú ìwé ẹ̀rọ yín). Òkè jẹ́ 90, ó gba kílò 49.4, ibẹ̀ ló ti rí 50 ẹ̀. Ẹ wá ro abẹ́ ilẹ̀ mọ́ ọn, 12, ó di 102, kílò 56 ló gbà. Tí ẹ bá da 50 sínú 102, nǹkan bíi pásẹ́ǹtì 6.3 lẹ máa rí, ẹ ò sì fẹ́ kí iná máa jó wáyà lábẹ́ ilẹ̀ kí gáàsì má débẹ̀, torí náà nọ́sù tó ń tú gáàsì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ náà.

Àmọ́ ìyẹn kéré. Tẹ́ẹ̀sì tó ní ẹ ò nílò yẹn gan-an ló fojú wa rí màbo níbi iṣẹ́ wa. Gáàsì yìí kì í pẹ́ tú jáde, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dúró sínú yàrá fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí pásẹ́ǹtì rẹ̀ má sì kéré sí 5.95 (ìyẹn 85 nínú 100 ti 7) níbi tí orí ráàkì sáfà tó ga jù wà, torí wáyà tó ti gbóná lè tún gbaná. Gáàsì tó ti pò mọ́ afẹ́fẹ́ yìí fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, torí náà ihò ìsàlẹ̀ ló ń gbà jò jáde, afẹ́fẹ́ á máa gba ihò òkè wọlé, orí ráàkì lá kọ́kọ́ yọ síta.

Nígbà tí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì náà fún wa, tí wọ́n gbé fáànù sẹ́nu ọ̀nà tiwa, tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé, tí wọ́n tún fà á jáde, ìṣirò ní gáàsì ò ní lò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnjiníà tó gbà wá lówó sọ: pé ká fi sílíńdà kan kún un! Mo bínú débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀. Gáàsì púpọ̀ kì í dí ihò, á kàn jẹ́ kó wúwo sí i kó yára jò, tó bá sì kọjá pásẹ́ǹtì 9, ó ti kúrò níbi tí wọ́n gbà pé kò léwu fún ẹni tó wà nínú ilé. Ìgbà tí fáànù ń ṣiṣẹ́ la fi èéfín díẹ̀ wá ibi tó ń jò. Ọ̀kan wà lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí okùn wáyà gbà kọjá lára ògiri, èkejì sì nìyí: ògiri náà ò dé òrùlé kọnkéré! Orí àjà pákó ló dúró sí, òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ sí ọ́fíìsì kejì, ẹnikẹ́ni ò sì gbé páálí àjà wò kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé. A dí méjèèjì pẹ̀lú ohun tí iná ò lè jó, a tún tẹ́ẹ̀sì, ó yege.

Ẹ ṣọ́ra o, ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé fáànù sí kì í sí nínú tẹ́ẹ̀sì yẹn, nítorí pé ẹ̀rọ ló gba ibẹ̀, àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn náà lẹ gbọ́dọ̀ fi kún un fúnra yín. Ẹ̀rọ amúlétutù tó ń fa afẹ́fẹ́ ìta gbọ́dọ̀ kú, kí dámpà tó ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì padé kí gáàsì tó tú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n á lu ògiri lónìí, wọn ò ní sọ fún yín. Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá lu ihò tuntun, ẹ dí i kẹ́ ẹ sì tún gbé fáànù yẹn sẹ́nu ọ̀nà.

Kí kọntirátọ̀ yín tó padà wá, ẹ gun àkàbà, ẹ ṣí páálí àjà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sókè. Tẹ́ ẹ bá ti rí yàrá kejì látibẹ̀, ẹ má tíì sanwó.