Síláìdì Lásà fún àwọn ìyá ọlọ́jà: gígé kúrú kọ́ ló ń jẹ́ kó yéni

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Àkúrẹ́. Wọ́n fún mi ní síláìdì ibà Lásà tí wọ́n fi kọ́ àwọn dókítà, pé kí n lọ fi bá àwọn ìyá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ ní Ọjà Ọba. Mo ti gé e kúrú gan-an, ẹ wo ọ̀kan tí mo fi ránṣẹ́. Kí ló kù tí mo lè yọ kí ó lè yé wọn?

Ìdáhùn: Ẹ má yọ nǹkan kan mọ́ o. Èyí tí ẹ ti yọ gan-an ni kò ní jẹ́ kó yé wọn. Ẹni tó bá ti kọ̀wé sí mi lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń rò pé bí síláìdì bá ti kúrú, ó ti rọrùn nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Dókítà mọ ohun tí a kò kọ sílẹ̀, ó ń bá síláìdì parí ọ̀rọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀. Ìyá tó ń ta gàrí náà yóò bá a parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rù bá sọ fún un ni yóò fi parí rẹ̀.

Ohun tí ẹ kọ nìyí: "Ikú: 15%. Láìsí àmì: 80%. Ọjọ́ 2 sí 21."

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ta ni? Ìyá ọlọ́jà yóò wo àwọn tó jókòó tì í, yóò máa ka òkú. Àwọn tí àìsàn náà le débi tí wọ́n fi dá wọn dúró sí ilé ìwòsàn ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Bí a bá ka gbogbo ẹni tí Lásà wọ̀ lára, nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kú, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe wí. Ọgọ́rùn-ún méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn, ẹ má kó wọn sójú síláìdì kan náà. Ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn tó pé: "Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kó Lásà, nǹkan bí ẹnì kan ló ń kú." Kí síláìdì tó tẹ̀ lé e wí pé: "Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún tó le fún débi pé wọ́n gbà wọ́n sí ilé ìwòsàn, nǹkan bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń kú. Ẹ má jẹ́ kó le kí ẹ tó wá." Ẹ má yọ "nǹkan bí" yẹn, ẹni tó bá yọ ọ́ ti purọ́.

Ti 80% ló ń bí mi nínú jù. Òótọ́ ni pé nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni kò ní mọ̀ ọ́n lára, tàbí kí ó kàn ṣe wọ́n díẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò báyìí, ẹ ti bá alágbo polówó ọjà. Ara àwọn mẹ́jọ yẹn ìbá yá láìmu ohunkóhun. Bí wọ́n bá mu àgbo, àgbo ni yóò gba ọpẹ́. Ẹ so ó mọ́lẹ̀: "Nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni ara wọn ń yá fúnra rẹ̀. A kò lè fi ojú mọ méjì yòókù ní ìbẹ̀rẹ̀." Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sọ ohun tí ènìyàn yóò ṣe.

Ọjọ́ 2 sí 21 ńkọ́? Àwọn kan yóò rò pé iye ọjọ́ tí àìsàn fi ń ṣeni ni, bẹ́ẹ̀ iye ọjọ́ tó wà láàárín ìgbà tí ènìyàn kó àrùn àti ìgbà tí ibà bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ sọ ọ́ di ìtàn: "Eku tọ̀ sínú gàrí tí a kò dé. O jẹ ẹ́ lónìí. Ibà lè má bẹ̀rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kẹta." Kí ẹ sì wí pé ọ̀sẹ̀ oníjọ́ méje ni o, kí ẹnì kan má lọ máa ka ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún. Nígbà náà ni yóò yé wọn pé bí wọ́n bá lo oògùn ibà tí ara kò balẹ̀, kí wọ́n yáa lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì sọ ohun tí ojú wọn rí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní ti síláìdì ribaifírìn, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú Lásà, àti ìwọ̀n rẹ̀, ẹ mú un kúrò pátápátá. Ẹnì kan yóò ya fọ́tò rẹ̀ gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. "Oògùn wà ní ilé ìwòsàn, ó sì dára kí a tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀" tó wọn.

Kí ẹ tó lọ, ẹ fi han ìyá kan tó ń ta oúnjẹ. Ẹ má bi í pé "ṣé ó yé yín?", bẹ́ẹ̀ ni yóò wí, nítorí ó ń bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ ní kí ó sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ lójú yín. Bí ó bá ní "wọ́n ní ká má jẹ gàrí mọ́," ẹ padà lọ tún síláìdì gàrí yẹn kọ: kí a máa dé e nínú ike onídèérí, kí a má sá a sí ẹ̀bá títì. Kí ẹ sì fi gbogbo rẹ̀ han òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó àjàkálẹ̀ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, torí èmi kò rí gbogbo síláìdì náà, n kò sì lè fọwọ́ sí ohun tí n kò rí.

Ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ fi gbé e sára ògiri, ẹ fi sílé. Oòrùn ọ̀sán Ọjà Ọba kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ńlá.