Ímeèlì Gẹ̀ẹ́sì tí Yorùbá wà nínú rẹ̀

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi kọ ímeèlì ní Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan tí à ń bá dòwò pọ̀. Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ó wá ní kí n tú u. Mo tú u bó ṣe wà gẹ́lẹ́, àmọ́ ọ̀rẹ́ mi tó gbọ́ Faransé ní n kò gbọdọ̀ fi í ránṣẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "Well done for the work. Sorry about your container at the port. The remaining goods will eventually arrive. Kindly revert." Kí ló burú níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ yín gbà yín sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀gá yín kọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi rò ó. Kí ẹ tó wá Faransé kankan, ẹ dá ọ̀rọ̀ náà padà sí Yorùbá ná.

"Well done" yẹn, "ẹ kú iṣẹ́" ni. Bí ẹ bá pè é ní "Bien fait", ìjà lẹ fẹ́ dá sílẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tí ìyà jẹ nìyẹn: "Ó tọ́ sí ẹ!" "Bravo" sì ń dún bí ìgbà tí olùkọ́ ń yin ọmọ iléèwé. Faransé kò ní ìkíni tó bá "ẹ kú iṣẹ́" mu gẹ́lẹ́, nítorí náà ẹ dúpẹ́ ni.

"Sorry" ní tirẹ̀, "ẹ pẹ̀lẹ́" ni. Àmọ́ ẹni tó bá ka "Désolé pour votre conteneur" á rò pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, tí ẹ ń tọrọ àforíjì. Ẹ sọ pé ẹ ti gbọ́, kí ẹ sì fi ìrètí sí i.

Èyí tó lè ná yín lówó ni "eventually". "Éventuellement" jọ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n "bóyá" ló túmọ̀ sí. Ọ̀gá yín ní ọjà ń bọ̀ dandan, ẹ̀yin á sì ti kọ ọ́ pé bóyá ló máa dé. Ẹ bi í ní ọjọ́ gan-an, kí ẹ kọ ọjọ́ náà. Ká ní Friday ló dá:

"Monsieur,

Je vous remercie du travail accompli. J'ai appris que votre conteneur était retenu au port et j'espère que la situation se débloquera rapidement. Le reste de la marchandise vous parviendra vendredi. Merci de bien vouloir m'en confirmer la réception.

Cordialement,"

Ẹ rí i pé mi ò kọ "Veuillez revenir" fún "revert". Wọ́n á rò pé ẹ ní kí àwọn padà wá sọ́dọ̀ yín ni. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká mọ̀ bí ọjà bá dé, torí mo rò pé ohun tí ọ̀gá ń retí nìyẹn. Bí ìdáhùn mìíràn ló ń wá, ẹ bi í kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Bí obìnrin bá ni ẹni náà, "Madame" ni. Ẹ má fi orúkọ rẹ̀ tẹ̀lé e bí a ti ń ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì má ṣe kúrò lórí "vous", òun ni "ẹ̀yin" tiwọn.