Má ṣe bu ọ̀wọ́n ọjà náírà lé yúrò lórí

*“Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ omi ọdún mẹ́ta la fẹ́ ṣe ní Ìmẹ̀kọ àti ní Kétu ilẹ̀ Benin. Yúrò ni wọ́n máa fún wa, àmọ́ náírà, sẹ́fà àti dọ́là la máa ná. Mo ti sọ gbogbo ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì di yúrò tán. Ṣé kí n wá fi 20% kún un lọ́dọọdún nítorí ọ̀wọ́n ọjà? Ọ̀gá mi tún ní kí n fi iye bíláàkì ṣe ìṣirò, kówó má baà tán. Ẹ gbà mí o.”*

Rárá, àbúrò. Màá dé orí ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ, àmọ́ ti 20% yẹn ló ká mi lára jù, nítorí ìwọ kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí. Mo mọ ibi tó ti ń jáde. Ṣíìtì kan wà tí wọ́n ń tà kiri fún àwọn tó ń kọ̀wé béèrè owó, ó ní òpó kan tí wọ́n pè ní ọ̀wọ́n ọjà, iṣẹ́ òpó yẹn kò sì ju pé kó máa sọ yúrò di ńlá lọ́dọọdún. Ó dá mi lójú pé ọ̀dítọ̀ kò tíì jókòó níwájú ẹni tó ṣe é rí.

20% tó o gbọ́ nínú ìròyìn, náírà ló ń bá wí. Ohun tí o fi 100 náírà rà lésìí, 120 náírà lo máa fi rà á lọ́dún yìí. Yúrò kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Náírà tí agbára rẹ̀ ń dín kù lọ́jà Ìmẹ̀kọ, agbára rẹ̀ ń dín kù náà níwájú àwọn tó ń ṣẹ́ owó. Tó o bá ka àdínkù tinú ọjà, tí o kò ka ti ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ owó, ìdajì ọ̀rọ̀ lo kọ sílẹ̀ yẹn.

Jẹ́ ká mú owó oṣù àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn tó máa mójú tó ẹ̀rọ ní Ìmẹ̀kọ. Ká ní 16,000,000 náírà ni lọ́dún kìíní, ká sì ní 1,600 náírà là ń ṣẹ́ yúrò kan. (Kó lè rọrùn láti ṣírò ni mo ṣe mú 1,600. Má dà á kọ bí ẹni pé iye òní ni.) 10,000 yúrò nìyẹn. Bó o ṣe fẹ́ ṣe é, ọdún kejì á di 12,000, ọdún kẹta á di 14,400, àpapọ̀ á jẹ́ 36,400.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Fi owó náà sílẹ̀ ní náírà, kó o fi 20% kún un níbẹ̀: 16,000,000 á di 19,200,000, á sì di 23,040,000 lọ́dún kẹta. Lẹ́yìn náà ni kó o wá iye tí wọ́n á máa ṣẹ́ yúrò lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Bí ọjà bá ń wọ́n ní 20% lọ́dún ní náírà, tó sì ń wọ́n ní bíi 2% ní yúrò, sọ 1,600 di ìlọ́po 1.20, kó o fi 1.02 pín in. Á fún ọ ní nǹkan bí 1,882 lọ́dún kejì. Tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, á di nǹkan bí 2,215 lọ́dún kẹta. Ìgbà yẹn lo tó máa pín: 10,200 yúrò lọ́dún kejì, 10,404 lọ́dún kẹta. Àpapọ̀ jẹ́ 30,604.

Bó o ṣe ń ṣe é ti fi nǹkan bí 5,800 yúrò gùn lórí ìlà kan ṣoṣo. Àwọn tó ń fúnni lówó ní ẹni tó ń wo irú nǹkan báyìí. Bí wọn ò bá tilẹ̀ rí i kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọ́n á béèrè ìyókù nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Nínú ṣíìtì, ìlà kan fún ìlọ́po iye ọjà (1.00, 1.20, 1.44), ìlà kan fún iye pàṣípààrọ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, owó náírà ọdún kìíní sì wà ní B4:

```
=ROUND($B4*C$2/C$3,0)
```

C2 ni ìlọ́po, C3 ni iye pàṣípààrọ̀. Bí nọ́ńbà bá yí padà lókè, gbogbo ìsàlẹ̀ á tẹ̀ lé e. Má ṣe tẹ 1,600 mọ́ inú fọ́múlà, nítorí o kò ní rántí ibi tó wà mọ́.

Wàyí o, tún wo 14,400 yẹn dáadáa. Tó o bá fi 1,600 pín 23,040,000, 14,400 gan-an ló máa fún ọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bu 20% lé yúrò ti sọ, láìmọ̀, pé ọjà á máa wọ́n fún ọdún mẹ́ta àmọ́ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ owó kò ní mira. Mi ò ní kò lè ṣẹlẹ̀. Náírà kì í rìn ní ìwọ̀n-ìwọ̀n bí ìṣirò tèmi yìí. Ó lè dúró gbọin, tí ọjà á máa gùn, kó wá já lọ́jọ́ kan. Lóṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí 470 náírà ní iye ìjọba, ó sì ti kọjá 750 kí oṣù náà tó parí. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ó kọjá 1,500. Ọ̀wọ́n ọjà tí ìjọba kéde fún oṣù Kejìlá 2023 sì jẹ́ 28.92%. Ìṣirò wo ló fẹ́ mú àwọn méjèèjì bára mu lọ́dún yẹn?

Nítorí náà, 10,404 ni kó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Kọ 14,400 sí ojú ewé àlàyé pé ibi tí owó lè gùn dé nìyẹn bí náírà bá dúró, kó o sì pinnu ohun tí ẹ máa gé. Èmi á kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé kànga ẹ̀rọ méjì ló dájú lọ́dún kẹta, ẹ̀kẹta á wáyé bí owó bá tó.

Àṣìṣe kejì, èmi fúnra mi ti ṣe é rí. Mo fọgbọ́n ṣe é lójú ara mi: mo jẹ́ kí náírà máa já lọ́dọọdún nínú ìṣirò, àmọ́ mo fi owó oṣù sílẹ̀ bó ṣe wà lọ́dún kìíní. Wò ó lórí àpẹẹrẹ wa: 16,000,000 lórí 1,882 jẹ́ nǹkan bí 8,500 yúrò, ọdún kẹta á jẹ́ nǹkan bí 7,225. Ó dà bíi pé iṣẹ́ ń dínwó. Nígbà tó di ọdún kejì, awakọ̀ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi, kò jókòó, ó ní, “Ọ̀gá, owó tí ẹ ń san yìí, owó ọkọ̀ nìkan ni mo fi ń san.” Kí oṣù tó parí, ó ti lọ. Ẹni tá a gbà rọ́pò rẹ̀ gba ju ohun tí awakọ̀ àkọ́kọ́ ń fẹ́ lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fọwọ́ kan iye pàṣípààrọ̀, ọwọ́ kejì mi ti wà lórí owó oṣù.

Ohun tó tún yẹ kó o mọ̀ ni pé owó tí o fi sanwó kọ́ ló ń sọ irú ìlà tó jẹ́. Owó tí wọ́n fi dá iye lé ọjà ló ń sọ ọ́. Pọ́ǹpù sólà tí ẹ máa rà ní Èkó, náírà lẹ máa san, àmọ́ iye dọ́là ló wà lọ́kàn ẹni tó ń tà á. Bó o ṣe máa mọ̀ ni pé kó o wo ìwé iye ọjà tó fún ọ. Bó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ méje péré ni iye yìí fi dúró, tàbí pé ó sinmi lórí iye dọ́là lọ́jọ́ ìsanwó, dọ́là ni pọ́ǹpù yẹn. Kọ ọ́ ní dọ́là, má ṣe fi 20% náírà kàn án rárá. Owó oṣù, owó ilé àti owó àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ni náírà gidi.

Kétu rọrùn jù. 655.957 sẹ́fà ni yúrò kan, kò sì tíì yí padà láti ọdún 1999. Bó bá jẹ́ pé dọ́là ni wọ́n fẹ́ fún yín, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Fi ọ̀wọ́n ọjà ilẹ̀ Benin nìkan kún un, kì í pọ̀. Àwọn àgbà níbẹ̀ ṣì rántí oṣù Kìíní 1994 tí wọ́n gé sẹ́fà sí ìdajì níwájú owó Faransé, nítorí náà má kọ ọ́ pé kò léwu kankan. Epo nìkan ni kò rọrùn ní Kétu. Epo inú jálá tí wọ́n ń tà létí títì Kétu, Nàìjíríà ló ti ń wá, nígbà tí ìjọba wa sì yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023, iye rẹ̀ fò lọ́hùn-ún náà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀kadà àwọn òṣìṣẹ́ yín máa rìn, ya epo sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù ìlà sẹ́fà.

Ó kù díẹ̀ lórí 20% náà. Má mú èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde kó o lò ó fún ọdún mẹ́ta tó ń bọ̀. Oṣù Kejìlá 2024, ìjọba kéde 34.80%, oṣù Kìíní 2025, wọ́n kéde 24.48%. Ọjà kò dínwó láàárín oṣù kan. Ọdún tí wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n ni wọ́n yí padà. Àsọtẹ́lẹ̀ tí ilé-ìfowópamọ́ àgbà tàbí àjọ tó ń fún yín lówó bá gbé jáde ni kó o lò, kó o sì kọ orúkọ àti ọjọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà.

Ọ̀gá rẹ ńkọ́? Bá mi kí wọn, kó o sì sọ fún wọn pé ọ̀dítọ̀ kò ní gba iye bíláàkì. Ìwé báńkì tó fi hàn pé yúrò báyìí ló wọlé, tó sì di náírà báyìí, lọ̀dítọ̀ máa béèrè. Àwọn kan ń béèrè iye oṣooṣù ti Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù, èyí tí wọ́n ń pè ní InforEuro. Ohun tó bá wà nínú àdéhùn yín ló lè borí ọ̀rọ̀ mi, mi ò sì tíì rí i, nítorí náà kà á kó o tó fi orúkọ mi dáhùn. Owó àìròtẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń wá gba ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn ní ààyè tirẹ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn Ìṣọ̀kan Yúróòpù fún iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, kò gbọ́dọ̀ ju 5% owó iṣẹ́ gangan lọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó ná an.

Bí yúrò bá wọlé, ẹ má ṣe ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ sí náírà lẹ́ẹ̀kan náà. Owó oṣù méjì tàbí mẹ́ta ni kẹ́ ẹ máa ṣẹ́, kí ìyókù wà nínú àkáǹtì owó òkèèrè, bí àdéhùn bá gbà bẹ́ẹ̀.

Fi ṣíìtì ránṣẹ́ kí n bá ọ wò ó lẹ́yìn tó o bá ti pín ìlà sí náírà, sẹ́fà àti dọ́là. Èyí tó o ti sọ di yúrò tán yẹn, pa á rẹ́.