Ìdin amùkúrù àti omi tó ń sáré

Kí ló dé tí ìdin amùkúrù kì í gbé inú omi tó dúró sójú kan?

Kò ní rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀, ọ́síjìn kò sì ní tó o. Ìdin náà kì í rìn kiri: ó máa ń lẹ ìdí mọ́ àpáta tàbí ewé inú odò, yóò wá na abẹ̀bẹ̀ méjì tó wà lórí rẹ̀ láti fi sẹ́ oúnjẹ wẹ́wẹ́ tí omi ń gbé kọjá. Awọ ara ló fi ń mí, omi tó ń ta mọ́ àpáta ló sì ń kó ọ́síjìn púpọ̀. Ìdí nìyí tí ojú ibi tí omi ti ń tú jáde lára dáàmù fi lè di ibùgbé wọn.

Ìpele ìdin kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ níbi tí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbógun ti ìnárun, àrùn tí amùkúrù ń kó ranni, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 1974, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń da oògùn tó ń pa ìdin sódò.

Ìdin kì í kó àrùn náà ranni. Abo tó ti dàgbà, tó ti mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní i, ló ń gbé aràn rẹ̀ kiri.