Ta ni kó ṣí fìlà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Iṣẹ́ ètò ìnáwó ni mò ń ṣe ní Sùúrùlérè. Ìgbéyàwó kan wà lọ́wọ́ mi báyìí ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Màrínà. Onígbàgbọ́ ni ìyàwó àti ọkọ, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni ẹbí bàbá ọkọ, ọ̀gá ọkọ níbi iṣẹ́ sì jẹ́ Júù, òun àti ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀. Ìwé tí ṣọ́ọ̀ṣì fún wa ní kí ọkùnrin ṣí fìlà, kí obìnrin bo orí. Ta ni kí n sọ fún, ta ni kí n fi sílẹ̀, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà?

Ìdáhùn: Ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó jẹ́ Júù ni ọ̀rọ̀ ti le jù, torí ohun tí ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ń pè ní ọ̀wọ̀ ni òun ń pè ní àìbọ̀wọ̀. Fìlà kékeré tó máa ń wà ní àtàrí wọn, tí wọ́n ń pè ní kípà, kò sí nínú òfin Mósè fún gbogbo ọkùnrin. Àwọn àlùfáà nìkan ni Ẹ́kísódù 28 ní kí wọ́n rán fìlà fún. Ọ̀dọ̀ àwọn ráábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn Júù, ni àṣà náà ti fìdí múlẹ̀. Tálímúdì, ìwé ẹ̀kọ́ wọn, sọ nípa ráábì kan tí kì í rin ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin, ìyẹn bíi mítà méjì, láìbo orí, ó ní nítorí pé ògo Ọlọ́run wà lókè orí òun. Ìtàn kejì ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn awòràwọ̀ sọ fún ìyá ráábì mìíràn, Náhímánì ọmọ Ísáákì, pé olè ni ọmọ rẹ̀ yóò yà. Obìnrin náà ò jẹ́ kí ọmọ ṣí orí sílẹ̀ rárá, ó ní kó máa bo orí kí ìbẹ̀rù ọ̀run lè wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà, tó ti dàgbà, jókòó sábẹ́ igi déètì tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ń kẹ́kọ̀ọ́. Aṣọ bọ́ lórí rẹ̀. Ó gbójú sókè, ojúkòkòrò mú un, ó gun igi náà, ó sì fi eyín já òṣùṣù èso kan.

Nítorí náà, bí ọmọ ìgbàlejò yín bá ní kí ọ̀gá náà ṣí fìlà torí pé ó ti wọ ilé Ọlọ́run, létí rẹ̀, bí ẹni ní kó gbàgbé pé Ọlọ́run wà lókè orí òun ni. Ẹ lọ bá fíkà ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ gba àyè fún un, torí ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni àṣẹ wà. Ẹ sì jẹ́ kí ọkọ ìyàwó rọra bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè bóyá ó máa wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì rárá. Ọ̀pọ̀ Júù tó di ẹ̀sìn mú ṣinṣin kì í wọ ilé ìsìn Onígbàgbọ́, ibi àpèjẹ ni wọ́n ti máa ń wá kí ìyàwó. Bó bá jẹ́ irú wọn ni, ẹ lè rò ó sí ìwọ̀sí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Lọ́dọ̀ tiwọn, obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ ni òfin ìbòrí dì mú, omidan kò sí nínú rẹ̀. Númérì 5:18, níbi tí àlùfáà ti ń tú orí obìnrin tí ọkọ fura sí, ni àwọn ráábì tọ́ka sí pé orí abilékọ wà ní bíbò látilẹ̀. Ohun tó lè ṣì yín lọ́nà ni pé àwọn kan nínú wọn ń fi wíìgì bò ó. Irun tí ẹ rí lè jẹ́ ìbòrí náà gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má na ìborùn sí i pé orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Òfin ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ti 1 Kọ́ríńtì 11 wá. Pọ́ọ̀lù ní ọkùnrin tó bá bo orí nígbà tó ń gbàdúrà dójú ti orí rẹ̀, obìnrin tí kò bá bò ó náà sì dójú ti tirẹ̀. Ìlú tí àwọn ará Róòmù tún tẹ̀ dó ni Kọ́ríńtì, ọkùnrin Róòmù sì máa ń fa aṣọ bo orí tó bá ń rúbọ sí òrìṣà wọn. Àwọn onímọ̀ kan rò pé ìyẹn ni Pọ́ọ̀lù kò fẹ́ kí àwọn ọkùnrin ìjọ fara wé. Ẹ kíyè sí i pé àkókò àdúrà ni òfin yìí ń bá wí. Bí bíṣọ́ọ̀bù bá wá sí ìgbéyàwó náà, ẹ máa rí i tí yóò dé fìlà gíga rẹ̀ wọlé, tí yóò sì ṣí i bí àdúrà bá bẹ̀rẹ̀. Fún àwọn obìnrin, gèlè ti tó láti pa òfin yìí mọ́, bó ti wù kí wọ́n wé e. Hìjáábù náà tó.

Ẹbí bàbá ọkọ ló kù. Fìlà ọkùnrin Mùsùlùmí kì í ṣe ọ̀ranyàn. Ẹwà ni, ìwà àwọn ẹni ìṣáájú sì ni. Ẹ̀rí tó dájú jù wà ní Mẹ́kà: ọkùnrin tó bá ti wọ haramí, ìyẹn aṣọ àti ipò iṣẹ́ hájì, kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan dé orí. Bó bá dé e, ìtánràn rẹ̀ ni ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, tàbí bíbọ́ tálákà mẹ́fà, tàbí pípa àgùntàn. Obìnrin tó wà nínú haramí kan náà kò ní ṣí irun rẹ̀. Torí náà alhájì lè ṣí fìlà ní Màrínà láìba ẹ̀sìn rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ nílé. Bí lémọ́mù tó wé láwàní bá wà láàrin wọn, ẹ fi tirẹ̀ kún ohun tí ẹ máa bá fíkà sọ.

Àwọn obìnrin wọn kò ṣeé sọ fún bẹ́ẹ̀. Súrà 24 ẹsẹ 31 ní kí wọ́n fa ìborùn wọn bo àyà, àwọn onímọ̀ sì fi èyí múlẹ̀ pé láti ìgbà tí ọmọbìnrin bá ti bàlágà ni yóò ti máa bo irun níwájú ọkùnrin tó lè fẹ́ ẹ. Bó bá sì ń kírun, kódà kó dá wà nínú yàrá, irun orí, etí àti ọrùn ní láti wà ní bíbò kí ìrun náà tó pé. Gèlè tó fi etí àti ọrùn sílẹ̀ kò lè ṣe é.

Ibi tí ètò yín ti lè dàrú nìyí. Àsìkò ìrun ọ̀sán á bọ́ sí àárín àpèjẹ. Àlùwàlá gba kí wọ́n fi omi pa orí, lójú ìlànà òfin ẹ̀sìn ti Málíkì tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń tẹ̀ lé, gbogbo orí ni. Gèlè tí wọ́n fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wé ní láti bọ́ sílẹ̀. Ẹ wá yàrá kan tí ọkùnrin kò ní já wọ̀, kí omi, ẹní, ìborùn fífẹ̀ àti díńgí wà níbẹ̀, kí ẹ sì ní kí ẹni tó wé gèlè wọn láàárọ̀ má tíì máa lọ sílé. Bí yàrá yìí kò bá sí, ẹ máa rí i tí ìyá ọkọ yóò pòórá nígbà tí alága ìjókòó bá ń pè é síta.